Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìpàdé kejì láì dun ẹni náà

Bí ìpàdé ìfẹ́ àkọ́kọ́ yín pẹ̀lú ẹnì kan bá dùn ṣùgbọ́n tí ọkàn yín ò fà sí ẹni náà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, kí ìkọ̀ náà sì hàn kedere nínú rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó: "O ṣé tí o wá lánàá, mo gbádùn ìtàn tí o sọ nípa iṣẹ́ rẹ. Mo ti rò ó dáadáa, ọkàn mi ò sí níbi ìfẹ́, nítorí náà mi ò ní lè wá fún ìpàdé mìíràn. Mo fẹ́ kí o rí ẹni tí ọkàn yín máa jọ wà." Ìtàn tí ẹ dárúkọ yẹn ló máa fi hàn án pé ẹ fetí sílẹ̀ lóòótọ́. "Ọkàn mi" ni ẹ sì sọ, ẹ ò ka àlébù sí i lọ́rùn, kò sí ohun tó máa fẹ́ ṣàtúnṣe kó lè tún bẹ̀ yín. Èyí tó máa ń bà á jẹ́ jù ni "ọwọ́ mi dí lọ́sẹ̀ yìí," torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa béèrè, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ẹ má fi "ká máa ṣe ọ̀rẹ́" tù ú nínú, àfi bí ẹ bá fẹ́ ẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti jọ jáde bí ìgbà mẹ́rin, àtẹ̀jíṣẹ́ ti kéré. Ẹ pè é.