Fáìlì CSV Tó Kún fún Jágbajàgba: Ẹ Má Tíì Tẹ Save

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, gba orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde láti inú ètò ìtajà orí fóònù. Fáìlì CSV ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel ṣí i, ló bá rí `áº¹ja` níbi tó yẹ kó ti rí "ẹja", àti `â‚¦` níwájú owó dípò ₦. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ Save lójú ẹsẹ̀, wọn á ní àwọn máa tún un ṣe tó bá yá. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn.

Títí di ìgbà yẹn, nǹkan kan ò tíì ṣe fáìlì náà. Báìtì mẹ́ta ni UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà pamọ́, fi ń kọ lẹ́tà ẹ: E1 BA B9. Bí kò bá sí àmì UTF-8 níwájú fáìlì, Excel lè fi Windows-1252 kà á, ìyẹn ìlànà mìíràn tó ń sọ báìtì kọ̀ọ̀kan di lẹ́tà tirẹ̀: á, º, ¹. Kíkà ló ṣì í kà.

Ẹ pa á dé láì tọ́jú rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun, ẹ lọ sí Data, lẹ́yìn náà From Text/CSV. Níbi File Origin, ẹ mú `65001: Unicode (UTF-8)`, kí ẹ tẹ Transform Data. Ẹ sọ òpó nọ́ńbà fóònù di Text. Bó bá béèrè lọ́wọ́ yín, Replace current ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá mú Add new step á bá 0803 gẹ́gẹ́ bí 803, nítorí òdo ti lọ kó tó di Text. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Close & Load.

Ẹ má sì fi Find and Replace tún un ṣe. E1 BB 8D ni ọ, Windows-1252 kò sì ní lẹ́tà kankan fún 8D. `á»` nìkan lẹ máa rí, ohun kan tí ojú ò rí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ rọ́pò `á»`, ohun náà á ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó máa wá "ọjà" kiri inú tábìlì láì rí i. Ọ ńlá, tó jẹ́ `á»Œ`, á wá di `ọŒ`.

Tí wọ́n bá ti fi jágbajàgba náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi CSV UTF-8 ńkọ́? Èyí ṣì ṣeé tú pẹ̀lú ftfy, ètò kan tó ń tún irú jágbajàgba yìí ṣe, bí Python bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tẹ ìlà méjì yìí sínú Terminal, kí ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò `baje.csv`:

```
pip install ftfy
ftfy -o mimo.csv baje.csv
```

Ẹ yẹ ìlà mélòó kan wò lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá èyí tó ní ọ àti ṣ. Àmọ́ bó bá jẹ́ `?ja` lẹ rí, ẹnì kan ti fi CSV lásán tọ́jú rẹ̀, báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di àmì ìbéèrè kan ṣoṣo. Kò sí ètò tó lè mọ̀ bóyá ẹ, ọ tàbí ṣ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ padà lọ gba fáìlì náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.