Ọ́tò-tiransifọ́mà: bí a ṣe ń ṣírò kọ́rẹ́ǹtì inú kọ́ìlì àjọlò, àti ìdí tí ìsomọ́lẹ̀ àti ìdáàbòbò rẹ̀ fi yàtọ̀

Ẹni tó bá ti tú ìdérí sitabiláísà ilé rẹ̀ rí, tó sì fara balẹ̀ wo wáyà tó wé mọ́ irin inú rẹ̀, á ti ṣàkíyèsí pé kọ́ìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin já lára rẹ̀ níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ́ìlì kejì. Iná tó ń wọlé àti iná tó ń jáde jọ ń lo wáyà kan náà ni. Ọ́tò-tiransifọ́mà nìyẹn. Èyí tó ga ju ilé lọ, tó ń sọ iná 330 kílófóòtì di 132 ní ibùdó iná Òṣogbo tàbí ti Ayédé n'Íbàdàn, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n.

Èyí ńlá yìí ni mo fẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Àpapọ̀, ìyọkúrò, ìlọ́po àti ìpín ló pọ̀ jù nínú ohun tí ìṣirò náà máa bèèrè, wọ́n sì tó láti fi hàn wá ìdí tí ẹ̀rọ yìí fi rọ̀jú lówó, ìdí tí a ò gbọdọ̀ fi ṣeré pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ rẹ̀, àti ìdí tí rílè tó ń ṣọ́ ọ fi ní ètò tirẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí wáyà ti já

Ẹ mú féèsì kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́ìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè níbi tí iná 330 ti wọlé, ó ń wé bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì parí sí níútírà, níbi tí ìsàlẹ̀ kọ́ìlì féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Tí a bá ka ìwé rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí wáyà náà wé yí irin ká, sí ọgọ́rùn-ún, wáyà 132 já ní ibi ogójì láti ìsàlẹ̀, nítorí pé 132 jẹ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún 330. Ọgọ́ta tó wà lókè ibi tó ti já, iná 330 nìkan ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká pè é ní kọ́ìlì òkè. Ogójì tó wà nísàlẹ̀, ìhà méjèèjì ló jọ ni ín. Ìyẹn ni kọ́ìlì àjọlò.

Ṣírò kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀

Lára ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù ní ìpele yìí ní Nàìjíríà, 150 mẹ́gá-fóòtì-ánpíà ni wọ́n kọ sí pátákó ara rẹ̀. Nígbà tó bá ru ẹrù rẹ̀ pé, bí nǹkan ṣe rí nìyí. I ni kọ́rẹ́ǹtì, S ni iye ara pátákó náà ní kílófóòtì-ánpíà, V sì ni kílófóòtì:

```
I = S / (√3 × V)

330 kV:  150000 / (1.732 × 330) = 262 A
132 kV:  150000 / (1.732 × 132) = 656 A

kọ́ìlì àjọlò:  656 − 262 = 394 A
```

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé kọ́ìlì tí ìhà méjì jọ ń lò gbọ́dọ̀ ru kọ́rẹ́ǹtì ìhà méjèèjì pọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Ẹ dúró síbi tí wáyà ti já kí ẹ wò ó: ánpíà 262 ń ti òkè bọ̀, ṣùgbọ́n 656 ló ń jáde lọ sí 132. Ibo ni ìyókù ti wá? Láti ìsàlẹ̀ ni, láti ìhà níútírà, ó ń gòkè wá pàdé ti òkè. Àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, wọ́n pàdé níbi tí wáyà ti já, wọ́n sì jọ jáde.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ pé a ò ṣì í ṣírò. Agbára òòfà tí kọ́ìlì òkè ń gbìn sínú irin gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti kọ́ìlì àjọlò, kí ọ̀kan lè pa èkejì. Ìwé ọgọ́ta lọ́nà 262 jẹ́ 15,720. Ìwé ogójì lọ́nà 394 jẹ́ 15,760. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn, gígé tí a gé ojú dẹ́símà dànù ló fà á.

Ibi tí èrè rẹ̀ ti wá, àti ibi tó parí sí

Tí kọ́ìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ti ìhà 132 ì bá ní láti ru 656 ánpíà látòkè délẹ̀. Níbi yìí, 394 péré ló ń rù, nítorí náà wáyà rẹ̀ lè tín-ínrín. Ẹ yọ 132 kúrò nínú 330, kí ẹ fi 330 pín in, ẹ ó rí 0.6. Ẹ fi ìyẹn lọ́po 150: 90. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irin àti bàbà tó tó tiransifọ́mà 90 mẹ́gá ló ń ṣe iṣẹ́ 150. Ọgọ́ta mẹ́gá tó kù kò gba inú òòfà kọjá rárá, ó gba ojú wáyà lọ tààrà. Epo rẹ̀ dín kù, iná tó ń fi ṣòfò dín kù, ọkọ̀ tó máa gbé e wá láti èbúté náà á sì rí i gbé.

Èrè yìí kò sí níbi gbogbo. Tí a bá fẹ́ sọ 330 di 33, 0.9 ni ìṣirò náà máa mú jáde, ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún la máa jèrè, a ó sì ti so àwọn tó ń lo 33 mọ́ wáyà kan náà pẹ̀lú 330. Ìdí nìyẹn tí tiransifọ́mà 132 sí 33 fi máa ń ní kọ́ìlì méjì tí ara wọn kò kanra. Ohun mìíràn tún wà: 0.6 kan náà yẹn ló dín ìdènà inú ẹ̀rọ náà kù. Bí wáyà bá kan wáyà ní ìhà 132, kọ́rẹ́ǹtì tó máa ya wọ ibẹ̀ pọ̀ ju èyí tí tiransifọ́mà oníkọ́ìlì méjì máa jẹ́ kó kọjá, nítorí náà kí wọ́n ti yẹ agbára bíréékà wò kí ẹ̀rọ tó dé.

So níútírà mọ́lẹ̀ ní tààrà

Ẹ jẹ́ ká fi ti ilé ṣàpẹẹrẹ kí a tó padà síbi ńlá. Ẹnì kan kó bílẹ́ńdà dé láti Amẹ́ríkà, ó sì ra ẹ̀rọ tó ń sọ 220 di 110. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ́tò-tiransifọ́mà. Bí kọ́ìlì àjọlò inú rẹ̀ bá já, kò sí ohun tó ń fa 110 sílẹ̀ mọ́: iná tó wọlé á gba kọ́ìlì òkè lọ bá ohun tí a tì mọ́ ọn, ohun tó sì lè dé orí ohun kékeré bíi ṣájà fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 220 odindi. Ohun kan náà ni à ń sá fún ní ibùdó ńlá.

Láàárín féèsì kan àti ilẹ̀, 330 jẹ́ 190 kílófóòtì, 132 sì jẹ́ 76. Ká ní wọn ò so níútírà mọ́lẹ̀, tí kò sì sí ohun mìíràn tó so ìlà 330 náà mọ́lẹ̀, tí féèsì pupa ìhà 330 wá bọ́ sílẹ̀. Féèsì pupa yẹn ti di ilẹ̀. Níútírà, tó yẹ kó wà ní òdo, gòkè dé 190. Ibi tí féèsì méjì tó kù ní ìhà 132 sì ti ń ka tiwọn nìyẹn. Tí a bá fi igun wọn ṣírò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa wà ní nǹkan bíi 238 kílófóòtì sí ilẹ̀, dípò 76. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Tánganran àti arẹ́sítà ìhà 132 kò lè rù ú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìhà 132 kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìhà 330 ni wáyà ti bọ́.

Nítorí náà, wáyà bàbà tó nípọn ni kó ti níútírà dé ilẹ̀, láìsí rẹsísítọ̀ àti láìsí suwíìṣì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fọkàn tán ìsomọ́lẹ̀ yìí débi pé ohun ìdènà iná tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ kọ́ìlì kò nípọn bíi ti òkè. Ní tiransifọ́mà 132 sí 33, a lè yan bí a ṣe fẹ́ so ìhà kan mọ́lẹ̀ láìkan èkejì. Níbi yìí, níútírà kan ló wà fún ilé méjì.

Gbé sí-tíì sí ibi mẹ́ta, kí ìwọ̀n wọn sì dọ́gba

Sí-tíì ni tiransifọ́mà kékeré tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì fún rílè. Lára tiransifọ́mà oníkọ́ìlì méjì, ìwọ̀n sí-tíì ìhà kan máa ń yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí pé òòfà ló wà láàárín wọn. Níbi yìí wáyà ló so wọ́n pọ̀, nítorí náà òfin tó rọrùn jù lọ la lè lò: ohun tó wọ ibi ìpàdé wáyà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó jáde. Ẹ fi ọ̀kan sí ìhà 330, ọ̀kan sí ìhà 132, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ kọ́ìlì féèsì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó para pọ̀ di níútírà. 1000/1 ni kí gbogbo wọn jẹ́, ìyẹn ni pé bí ẹgbẹ̀rún ánpíà bá kọjá, ánpíà kan ló máa dé ọ̀dọ̀ rílè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 262 péré ló ń kọjá ní òkè.

Nígbà tí ara ẹ̀rọ bá le, 262 wọlé lókè, 394 wọlé nísàlẹ̀, 656 jáde. Rílè kò rí nǹkan kan. Yíyí táápù padà, ìyẹn yíyí iye ìwé tí à ń lò padà kí fóòtì lè gòkè tàbí kó wálẹ̀, kò dà á láàmú, kọ́rẹ́ǹtì ńlá tó máa ń ya wọlé nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ náà kò sì dà á láàmú. Bí kọ́ìlì bá kan ilẹ̀ níbikíbi nínú àgbègbè yìí, ìdọ́gba náà dàrú lójú ẹsẹ̀.

Ohun méjì ni kò lè rí. Bí ìwé wáyà méjì bá kanra nínú kọ́ìlì kan náà, ohun tó wọlé ṣì dọ́gba pẹ̀lú ohun tó jáde. Kọ́ìlì kẹta, tó máa ń wà ní délítà nínú ẹ̀rọ náà, ìyẹn ni pé ti féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so kọ́ra wọn yípo bí igun mẹ́ta, kò sì sí nínú àgbègbè rẹ̀, nítorí pé òòfà nìkan ló so ó mọ́ àwọn yòókù. Rílè tó ń fi agbára ìhà kọ̀ọ̀kan wéra ló ń ṣọ́ àwọn yẹn, pẹ̀lú Bukólísì tó ń ṣọ́ gáàsì inú epo.

Má gbẹ́kẹ̀ lé níútírà fún ìtọ́ka ọ̀nà

Àwọn kan máa ń fẹ́ lo kọ́rẹ́ǹtì níútírà láti fi sọ fún rílè bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn ni wáyà ti bọ́. Lára tiransifọ́mà oníkọ́ìlì méjì, ó máa ń ṣiṣẹ́. Níbi yìí, ó lè purọ́. Bí féèsì kan bá kanlẹ̀ ní ìhà 330, kọ́rẹ́ǹtì níútírà jẹ́ ti ìhà 330 tí a yọ ti ìhà 132 kúrò lára rẹ̀, ní ánpíà gidi. Ánpíà kan ní 330 jẹ́ méjì àbọ̀ ní 132. Tí ìhà 132 bá ń dá ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí kọ́ìlì kẹta ń dá ìyókù, kọ́rẹ́ǹtì níútírà á yí ojú padà. Tó bá jẹ́ ogójì gééré, òdo la máa rí, nígbà tí iná ń jó ní ìta. Kọ́rẹ́ǹtì inú délítà kọ́ìlì kẹta ló yẹ ká fi tọ́ka ọ̀nà.

Dán an wò kí o tó kúrò níbẹ̀

Tí sí-tíì kan bá dojú kọ òdì, ẹrù gidi máa tú u fó. Ká ní ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n yí: 656, ká yọ 262 kúrò, ká wá fi 394 kún un, ìyẹn 788 ánpíà. Ní 1000/1, mítà máa ka 0.79 níbi tó yẹ kó ti ka òdo, ìlọ́po méjì ti sí-tíì tó ṣì í gẹ́lẹ́ sì ni. Iye yẹn ló máa sọ èyí tí wọ́n yí.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ sí-tíì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí wáyà tó ti níútírà lọ sí ilẹ̀, ẹrù tó dọ́gba kò lè tú àṣìṣe rẹ̀ fó, nítorí pé féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pa ara wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Òdo ni mítà máa kà, ì báà dára, ì báà dojú délẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi kọ́rẹ́ǹtì ẹ̀rọ ìdánwò gba féèsì kan ṣoṣo wọlé ní ìhà 132, kó gba níútírà jáde, kí ẹ wá ka mítà rílè.