Bí mo ṣe tọ ajọ́sítà lẹ́yìn lórí òrùlé wa tí ìjì ká

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ló ká páànù ẹ̀yìn ilé wa ní Parakin, Ilé-Ifẹ̀. Ilé náà ní ìwé adójútòfò iná, a sì ti san àfikún kí ó lè kó ìjì mọ́ ọn, torí ìwé iná lásán kì í kó ìjì mọ́ra. Iléeṣẹ́ adójútòfò rán ajọ́sítà wá láti Ìbàdàn. Ó gun àkàbà, ó ya fọ́tò, ó wọn ibi tó ṣí, ó ní òun á kọ ìròyìn òun. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ajọ́sítà kọ́ ló ń sanwó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo ohun tó fa ìbàjẹ́, kó ṣírò iye tí àtúnṣe máa ná, kó sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Iléeṣẹ́ ló ń pinnu. Bí a bá bi í pé ìgbà wo ni owó máa dé, a ti bi í ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó lè dáhùn ni ibi tí fáìlì wà, àti ohun tó kù nínú rẹ̀. Ìyẹn ni mo kọ sí i nínú ímeèlì, mo sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní iléeṣẹ́ náà:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. A dúpẹ́ pé ẹ wá wo ilé wa ní Parakin. Nọ́ńbà fáìlì wa wà lókè ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun kan ṣì kù tí ẹ ń retí lọ́wọ́ wa? Bí kò bá sí, ṣé ìròyìn yín ti dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́? Òjò ti ń rọ̀ gan-an, a sì fẹ́ fi tapólì bo ibi tó ṣí. A ò ní ju páànù àti igi tó bàjẹ́ nù. Bí ẹ bá fẹ́ kí a ṣe é lọ́nà mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa.”

Gbólóhùn tapólì yẹn ṣe pàtàkì. Onílé ni ìwé adójútòfò ń retí pé kó má jẹ́ kí ìbàjẹ́ pọ̀ sí i. Bí omi bá ń wọlé títí tí àjà fi já, ajọ́sítà lè sọ pé kì í ṣe ìjì ọjọ́ yẹn ló fa èyí tó já lẹ́yìn. Mo ya fọ́tò kí wọ́n tó bò ó àti lẹ́yìn tí wọ́n bò ó, mo sì tọ́jú rìsíìtì tapólì náà. Páànù tó ya náà wúlò: ibi tí ìṣó ti fà á ya ṣì ń dán, kò jọ ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tipẹ́.

Mo fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ sí ajọ́sítà náà lórí Wásáàpù pé ímeèlì ti wà níwájú rẹ̀. Ó pè mí. “Ẹ má bínú, mà. Bíìlì káfíńtà yín ló dá mi dúró. Ó kàn kọ ‘àtúnṣe òrùlé, ₦1,850,000’ ni. Mi ò lè fi ìyẹn ṣe ìṣírò.” Ó fẹ́ mọ iye páànù, iye igi, àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èmi àti káfíńtà jọ padà sí ìdí òrùlé náà. Páànù 16 ló ya tàbí ká. Igi tí páànù jókòó lé tó ṣẹ́ tàbí bàjẹ́ jẹ́ 22, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ 5 nínú wọn ṣáájú ìjì. Mo ní kí ó kọ àwọn 5 yẹn lọ́tọ̀. Ajọ́sítà ti ya fọ́tò wọn tẹ́lẹ̀. Bí a bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ ti ìjì, gbogbo bíìlì náà ló máa di ohun ìfura, yóò sì tún máa béèrè. Lójú tèmi, ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló mú kí ó gba ìyókù láìjanpata.

Nígbà tó tún dákẹ́ lẹ́yìn tí bíìlì tuntun dé ọwọ́ rẹ̀, mi ò bá a jà. Ẹ̀ka iléeṣẹ́ náà ni mo kọ̀wé sí, mo ní: “Ajọ́sítà yín ti wá, a sì ti fún un ní bíìlì tó béèrè fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ibi tí ìròyìn náà dé.” Ẹ̀dùn ọkàn kò sí nínú rẹ̀, àfi ọjọ́ tó wá wo ilé àti ọjọ́ tí bíìlì dé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n dáhùn pé ìròyìn àkọ́kọ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn á bá a sọ ọ́. Ìròyìn ìkẹyìn tẹ̀lé e.

Owó tí wọ́n fi lọ̀ wá yọ igi 5 náà sílẹ̀, ó sì yọ ìpín tí ìwé wa sọ pé onílé fúnra rẹ̀ máa gbé. Kí n tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo béèrè bóyá owó tapólì wà nínú rẹ̀, torí ìwé náà sọ pé lẹ́yìn ìfọwọ́sí, a ò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohunkóhun mọ́ lórí ìjì náà. Kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n fi kún un, mo sì fọwọ́ sí i.