Ẹ má gé ẹran pupa ojú ajá yín

Ẹ̀yin ará Iléṣà tó ń sin ajá, bí ẹran pupa roboto bá yọ ní igun ojú ajá yín lápá imú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Ibẹ̀ ni bí ìdá kan nínú mẹ́ta omijé rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n gé ti Bíńgò wa nígbà tó wà ní ọmọ oṣù 5. Ojú náà mọ́ lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn ọdún 2 ó gbẹ, ipin tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá kò dá mọ́. Ojoojúmọ́ la ń kán oògùn sí i báyìí, owó ńlá sì ni.

Ẹ ní kí dókítà ẹran tì í padà, kó rán an mọ́ inú. Ó lè tún yọ o. Wọ́n á tún un rán. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ po ṣíbí tíì iyọ̀ 1 mọ́ omi síse ìdajì lítà, kó tutù, kẹ́ ẹ máa fi rin ín kó má baà gbẹ.