Bí a ṣe ń dá ẹni tó fẹ́ ká máa tọ́ òun sọ́nà lóhùn, nígbà tó jẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo la ráyè fún

Ká mú un sórí ìyá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ n'Íbàdàn. Pọ́ńdù mẹ́fà ló ń bójú tó, ó sì tún ń kó ẹja lọ sọ́jà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí rí: “Ẹ káalẹ́ mà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló fún mi ní nọ́ńbà yín. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà mí bí ọmọ, kí ẹ máa tọ́ mi sọ́nà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹja sínsìn. Ẹgbẹ̀rún kan ni mo kó sínú pọ́ńdù, wọ́n sì ti ń kú.”

Kí ìyá yìí tó fèsì, kó kọ́kọ́ ṣírò àkókò. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 45 lọ́sẹ̀ kan, fún oṣù mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 wákàtí, láìka ìpè ìdájí nígbà tí ẹja bá ń léfòó. Ìjókòó kan, pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀ àti iṣẹ́ kékeré tó máa fi ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Bí kò bá ní 20 wákàtí náà, kó má fi ẹnu gbà á rárá. Ẹni tí a bá gbà tí a ò ráyè gbọ́ tiẹ̀ máa ń dúró dè wá, kò sì ní wá ẹlòmíì lọ. Ẹja rẹ̀ ò ní dúró.

Lẹ́yìn náà, kó tún iṣẹ́ náà kà láti wá ohun tó ń dun ẹni náà gan-an. “Ẹ máa tọ́ mi sọ́nà” gbòòrò, ṣùgbọ́n “wọ́n ti ń kú” ni ìṣòro. Ìyẹn ni ìjókòó kan lè gbé. Bí kò bá sí ìṣòro kankan nínú ohun tó kọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó bi í kó tó ṣèlérí ohunkóhun: “Kí ló ń dà yín láàmú jù lọ nínú iṣẹ́ náà báyìí?” Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí i kò tíì tó ìjókòó ṣe.

Kó fèsì láàárín ọjọ́ méjì. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ìtìjú yẹn ló sì máa ń jẹ́ kéèyàn ṣèlérí ju agbára rẹ̀ lọ. Èsì náà lè rí báyìí:

“Ẹ káàárọ̀ o. Mo rí iṣẹ́ yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ro mí ní rere. Mi ò ní lè máa tọ́ yín sọ́nà lemọ́lemọ́, torí mi ò ní ààyè rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni pé ká jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, fún ìṣẹ́jú 45, lórí ẹja yín tó ń kú. Sátidé yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi ni màá pè yín. Kó tó di alẹ́ Jímọ́ọ̀, ẹ fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: fọ́tò pọ́ńdù àti omi inú rẹ̀, iye ẹja tó kú lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti kó wọn dé, àti bí ẹ ṣe ń fún wọn lóúnjẹ tí ẹ sì ń pààrọ̀ omi. Bí Sátidé ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀.”

“Ẹ” ló fi bá a sọ̀rọ̀ torí wọn ò tíì ríra rí. Bó bá jẹ́ ọmọ aládùúgbò ni, “o” ò burú. Òun ló máa pè, kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀rọ̀ náà lè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta tó béèrè yẹn ló máa dáàbò bo ìṣẹ́jú 45 náà. Bí ikú bá pọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tó wá rọlẹ̀, ìrìn àjò ló ṣeé ṣe kó bá ẹja jà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń kú díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń yọrí sókè láàárọ̀ láti mí, omi ló yẹ kó kọ́kọ́ fura sí. Bí iye wọn bá ń dínkù láìrí òkú, tàbí tí ìrù ti gé lára àwọn kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn ńlá ló ń jẹ àwọn kéékèèké, torí wọn ò ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, ìbéèrè lásán á gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìpè náà.

Ibi tí èsì ti sábà máa ń bàjẹ́ ni gbólóhùn tí a fi kádìí rẹ̀. A ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni, a wá ṣàánú, a fi “ẹ lè pè mí nígbàkígbà” kún un. Ìyẹn nìkan ni ẹni náà á rántí. “Màá gbìyànjú” àti “a máa rí i” náà ò dára níbí: àgbà sọ wọ́n bíi rárá, ọ̀dọ́ gbọ́ wọn bíi bẹ́ẹ̀ ni. Àwáwí tó gùn tún burú jùyẹn lọ. Bí a bá ní ilé tí à ń kọ́ lọ́wọ́ ni kò jẹ́ ká ráyè, ọjọ́ tí wọ́n bá kan òrùlé ló máa padà dé. “Mi ò ní ààyè rẹ̀” tó.

Bó bá jẹ́ ẹbí tàbí alàgbà ìjọ ló rán an wá, kí ìyá náà pe onítọ̀hún lọ́jọ́ kan náà, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un àti èyí tí kò lè ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ á yí padà di “ó lé ọmọ mi.”

Nígbà tí Sátidé bá dé, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ tún ìbéèrè náà sọ, kí méjèèjì gbà pé òun ni wọ́n wá fún. Nínú àpẹẹrẹ wa, àkọsílẹ̀ fi hàn pé láti ọjọ́ kejìlá ni ẹja márùn-ún ti ń kú lójúmọ́, pé omi ò kúrò nínú pọ́ńdù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àti pé oúnjẹ ṣì ń léfòó lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ti hàn pé oúnjẹ pọ̀ jù, omi sì ti bàjẹ́. Kó sọ ọ́, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sọ pé àkókò ń lọ, kó wá ní kí ọ̀dọ́ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa ṣe lọ́la. Ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti máa hàn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kó kọ ohun mẹ́ta péré ránṣẹ́: ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ kan, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, ẹ ṣa àwọn ńlá sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa jẹ àwọn kéékèèké. Bó bá mọ asinja kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn kó tó fi nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ọ̀dọ́ náà bá tún kọ̀wé lọ́sẹ̀ kejì pé “Mà, ìbéèrè kan péré,” èsì rẹ̀ ni: “Inú mi dùn pé ẹ ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ìjókòó wa ti parí. Ẹ pe ẹni tí mo fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ó ń retí yín.”