Ẹ yé sọ pé ayàwòrán kò mọṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwòrán ojú ìta ilé yàrá mẹ́rin

Mo fi fóònù ya pílánù ilé mi, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá mi ya ojú ìta rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ò lè lò ó. Ṣé kò mọṣẹ́ ni?

Ó mọṣẹ́, ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Ta ló lè wọn ilé lórí fọ́tò ìwé tó ti ká? Ẹ gba fáìlì DWG tàbí PDF lọ́wọ́ akítẹ́ẹ̀tì yín: pílánù, ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti àwòrán tó gé ilé lóòró.

Mo kọ ọ́ kedere pé "ilé yàrá mẹ́rin ìgbàlódé". Ohun tó gbé wá kò jọ tèmi rárá.

Ẹni tó dúró níta kò rí yàrá. Fèrèsé, ilẹ̀kùn, ògiri àti òrùlé ló ń rí. "Ìgbàlódé" sì rèé, ogún èèyàn lẹ bi, ogún ìdáhùn lẹ máa gbọ́.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá kan nísàlẹ̀, mẹ́ta lókè, bíríkì pupa nísàlẹ̀, ọ̀dà funfun lókè, òrùlé dúdú, fèrèsé yàrá ńlá kọjú sí títì, fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti balùwẹ̀, gíláàsì rẹ̀ kì í jẹ́ ká rí inú. Ẹ má fo ti balùwẹ̀ yẹn o. Mo ti rí àwòrán ìrọ̀lẹ́ kan tó jẹ́ pé ìjókòó ilé ìgbẹ́ ló ń dán jù lọ nínú gbogbo ilé, gbangba sí títì.

Mo ní kó jẹ́ ilé tó ń tuni lára. Ó ya ilé tó dà bí èyí tí wọ́n ti pa tì.

Kò sí bọ́tìnnì "tuni lára" nínú ẹ̀rọ wa. Ohun tí a lè yí ni wákàtí, ojú ọ̀run, iná àti ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ sọ wákàtí: nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ojú ọ̀run ṣì ń ṣe búlúù, iná pálọ̀ àti ti ẹnu ọ̀nà ti tàn, ìmọ́lẹ̀ wọn pọ́n díẹ̀ bíi ti gílóòbù 2700 K, yàrá kan péré ló tanná lókè, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyẹn ni mo lè yà.

Bó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ fẹ́, ẹ sọ ibi tí àríwá wà sí ilé náà. Ojú ilé tí oòrùn kì í dé ní wákàtí yẹn, a ò lè da oòrùn sí i láìparọ́.

Nínú àwòrán, ilé náà dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

Wọ́n gbé ojú kámẹ́rà sókè kó lè rí òrùlé ni. Ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ pé kí kámẹ́rà tẹ́jú, kó wà ní gíga ojú èèyàn, bíi mítà 1.6, kí gbogbo igun ògiri sì dúró ṣánṣán. Òrùlé á wọlé bó bá gbé lẹ́ǹsì nìkan sókè. Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán, `Shift Y` ló ń ṣe é.

Lẹ́ǹsì mìlímítà 28 tó ilé bẹ́ẹ̀. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 20 nítorí kí ohun gbogbo lè wọlé, ọkọ̀ tó wà létí àwòrán máa gùn bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú. Ẹ má sì kọ "gbogbo ìhà". Ẹ mú bírò, ẹ fi àmì sí pílánù ilẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ kéèyàn dúró sí, ẹ fa ọfà síbi tó ń wò. Mẹ́ta tó: láti igun iwájú, láti ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, láti ẹ̀yìnkùlé.

Gbogbo ìwọ̀n pé, síbẹ̀ ilé mi dà bí ilé ìṣeré ọmọdé. A ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Èyí ti fojú mi rí nǹkan rí. Ilé yàrá mẹ́rin náà ni, bíríkì nísàlẹ̀, ọ̀dà funfun lókè. Oníbàárà wò ó, ó ní, "Ilé bèbí lẹ yà fún mi." Mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀, mo tún gbé e sókè. Mo yí lẹ́ǹsì padà. Mo fa igi tu, mo gbin òmíràn. Mo wá gbé ọkùnrin kan síwájú ilẹ̀kùn kí ilé lè rí ẹni fi wọn ara rẹ̀, ni ọkùnrin bá dà bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo wọn ilẹ̀kùn: mìlímítà 2100, kò lé, kò dín. Mo wọn ògiri, ó pé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó ti sú mi, mo kàn jókòó tí mò ń fi ìka ka bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mẹ́rìnlá. Mo tún un kà. Mẹ́rìnlá náà ni. Bíríkì wa ga ní mìlímítà 65, símẹ́ǹtì àárín wọn jẹ́ 10, ìlà kan di 75. Ìlà méjìdínlọ́gbọ̀n ló yẹ kó bá ilẹ̀kùn yẹn dọ́gba. Bíríkì kọ̀ọ̀kan ti di ìlọ́po méjì! Ojú èèyàn sì mọ̀ pé ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé bíríkì, òun ló fi ń wọn ilé láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fọ́tò bíríkì tí mo fi bo ògiri ní ìlà mẹ́rìndínlógún, ó yẹ kó gba gíga mìlímítà 1200. Èmi fún un ní 2400. Mo tẹ 1200, mo tún àwòrán náà gbé jáde, mo fi ránṣẹ́. Ohun tí oníbàárà fèsì ni pé, "Ṣé ẹ ti wá kọ́ òmíràn ni?"

Ẹ̀bi mi ni, n kò sẹ́. Àmọ́ "bíríkì pupa" nìkan ló wà nínú ìwé tó fún mi. Ẹ kọ ìwọ̀n bíríkì, bí símẹ́ǹtì àárín rẹ̀ ṣe nípọn tó àti àwọ̀ rẹ̀, ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Bí ẹ kò bá mọ ìwọ̀n, ẹ lọ síbi ògiri tí wọ́n fi irú rẹ̀ mọ, ẹ fi téèpù wọn ìlà mẹ́wàá pọ̀ mọ́ símẹ́ǹtì wọn, ẹ pín in sí mẹ́wàá. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún pákó ara ògiri àti òkúta ilẹ̀.

Kí ẹ tó bínú sí ayàwòrán, ẹ ka ìlà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn fúnra yín. Bó bá pé tí ilé ṣì kéré, ẹ wo iwájú àti ẹ̀yìn àwòrán. Bí wọ́n bá ṣú bàìbàì, tí ilé nìkan mọ́ kedere, ẹ ní kó pa ìṣúbàìbàì yẹn. Òun náà ń sọ ilé di ohun ìṣeré.

Fèrèsé mẹ́rin ló wà lókè lórí pílánù, mẹ́ta ló wà lórí ojú ilé. Ayàwòrán ní kí n yan èyí tó wù mí. Èwo ni kí n yàn?

Ẹ má yan ìkankan. Kì í ṣe iṣẹ́ yín, kì í ṣe tiwa náà. Ẹ pe akítẹ́ẹ̀tì lónìí, kó tún ìwé méjèèjì ṣe, kó kọ ọjọ́ tuntun sí wọn, kí ẹ sì yọ ti àtijọ́ kúrò nínú fódà. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń yà á, mo ti gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ títí ìwé tuntun á fi dé.