Ẹ má tètè béèrè owó: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ní kí ẹ bá òun ṣètò ìrìn àjò

Ìfiránṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í sábà ju báyìí lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tó dáa tí a lè lọ sinmi, ibi tí òkun wà, kó má wọ́n jù." Ó dùn ún kà, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí èèyàn lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. A ò mọ iye owó, a ò mọ ọjọ́, a ò mọ àwọn tó ń lọ, a ò sì mọ ohun tó lè dá wọn dúró. Bóyá iṣẹ́ ajé yín ni o, bóyá ẹ̀gbọ́n yín ló kàn bẹ̀ yín, ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ béèrè ló máa sọ bóyá iṣẹ́ náà máa rọrùn tàbí ẹ máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni kí a má béèrè ohunkóhun rárá. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ rí "òkun", ó fi orúkọ ibi mẹ́ta ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán tó ń dán. Oníbàárà mú èyí tó lẹ́wà jù nínú wọn, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá bi í máa dà bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gba nǹkan rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá wá hàn lẹ́yìn náà pé ìyá àgbà wà nínú àwọn tó ń lọ, tí ibẹ̀ sì jẹ́ erékùṣù tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré dé, tí yàrá tún wà lókè àtẹ̀gùn gíga, ẹ̀yin lẹ máa gba ẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, kò sí orúkọ ibì kan, kò sì sí àwòrán, títí ẹ fi máa mọ ohun mẹ́rin yẹn.

Àbúrò àṣìṣe yìí ni kí a fi àbá dí àlàfo. Ẹni tó kọ̀wé sọ pé "a", a sì gbà pé tọkọtaya ni. Tí kò bá sí bí ẹ ṣe lè ṣe é láìfi nǹkan kan sọ́kàn, ẹ kọ ọ́ jáde kó rí i: "Mo ń ṣe é fún àgbàlagbà méjì, òru márùn-ún. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè sọ fún mi." Àbá tí oníbàárà rí kò lè ba iṣẹ́ jẹ́, èyí tó wà lọ́kàn yín nìkan ló ń bà á jẹ́.

Èkejì ni ti owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Èló lẹ ní lọ́wọ́?" Ó dà bí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kò wúlò ní àkókò yẹn. Iye kan náà tó máa gbé ẹni kan lọ bí ọba kò ní tó èèyàn mẹ́rin gbé dé pápákọ̀ òfuurufú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n dá yín lóhùn. Àwọn kan á dín in kù kí ẹ má bàa ná gbogbo rẹ̀ tán, àwọn mìíràn á ní kí ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu lórí owó, àwọn yìí gan-an ló sì máa pariwo jù tí iye bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń tò ó, kí n tó sọ ìdí. Àwọn tó ń lọ ni mo máa ń béèrè ṣáájú, pẹ̀lú ọjọ́ orí gbogbo wọn. Ọjọ́ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ohun tó lè dí wọn lọ́wọ́, owó ló sì kẹ́yìn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ń fún èyí tó tẹ̀ lé e ní ìtumọ̀.

Ẹ wo obìnrin kan tó kọ irú ìfiránṣẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yẹn. Ká ní ó dáhùn pé òun, ọkọ òun, ìyá ọkọ òun tó jẹ́ ẹni ọdún 71, àti ọmọ òun tí kò tíì pé ọdún méjì ló ń lọ. Ẹ má kúrò lórí ọmọ yẹn o. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì jókòó lórí itan òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti pé méjì, ó gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an. Ó ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ.

Ẹ wá béèrè ọjọ́ ìrìn àjò. Ibí yìí náà ní àṣìṣe tirẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ bi í pé, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ?" Ìdáhùn rẹ̀ máa jẹ́ "nínú oṣù Kẹjọ", ìyẹn ò sì ṣe wá lóore. Ẹ bi í pé, "Ọjọ́ wo ni ẹ kò lè kúrò nílé ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ wo ni ẹ gbọ́dọ̀ ti padà?" Ìsinmi ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 21. Báyìí ni ẹ rí àlàfo ọjọ́ tí ìrìn àjò náà lè bọ́ sí. Kí ẹ sì bá a ka òru, kì í ṣe ọjọ́, nítorí pé òru ni òtẹ́ẹ̀lì ń tà. Ẹni tó sọ pé "ọ̀sẹ̀ kan" lè ní òru mẹ́fà lọ́kàn, ó sì lè ní méje. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbéra lálẹ́, òru kan ti lọ sínú ọkọ̀ nìyẹn. Òru méje ni obìnrin yìí fẹ́.

Ohun tó lè dí wọn lọ́wọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá ti máa ń ṣubú. Wọ́n á béèrè pé, "Ṣé kò sí ìṣòro kankan?" Ta ló máa ní ìṣòro wà? Ìbéèrè tó bá gbòòrò báyìí, "rárá" ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ mú un lẹ́yọ lẹ́yọ: páspọ́ọ̀tù ta ni àkókò rẹ̀ máa kọ́kọ́ tán, ọjọ́ wo sì ni? Ta ni kò lè gun àtẹ̀gùn tàbí rìn jìnnà ní pápákọ̀? Ta ló lóyún, oṣù mélòó ni? Ta ló ń lo oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù? Wákàtí mélòó ni ẹni tó dàgbà jù lè fi jókòó? Kí ẹ sì ní kí ó bi àwọn yòókù, nítorí ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò mọ ọjọ́ tí àkókò páspọ́ọ̀tù ìyá ọkọ rẹ̀ máa tán.

Ìdí tí ọjọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbéèrè wọ̀nyí ni pé ọjọ́ la fi ń wọn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ kí páspọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù mẹ́fà lára. Àwọn kan ń kà á láti ọjọ́ tí èèyàn wọlé, àwọn mìíràn láti ọjọ́ tó máa jáde. Obìnrin tí oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 22 lónìí kò ní ìṣòro lónìí, ṣùgbọ́n tí ìrìn àjò bá wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ 34 ló máa wà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sì ń béèrè ìwé dókítà láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, wọn kì í sábà gbé aláboyún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú náà, ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí èèyàn gbà á ni ìwé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹnubodè.

Nínú ọ̀rọ̀ obìnrin wa yìí, páspọ́ọ̀tù màmá ló gbé wàhálà jáde: ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni àkókò rẹ̀ máa tán. Kò sí ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ tó ní oṣù mẹ́fà níwájú kó tó di ìgbà yẹn. Ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n tún páspọ́ọ̀tù ṣe kí wọ́n tó ra ohunkóhun, tàbí kí ẹ wá orílẹ̀-èdè tí kò béèrè tó oṣù mẹ́fà. Orúnkún màmá ń dùn ún, nítorí náà yàrá ìsàlẹ̀ tàbí ilé tó ní ẹ̀rọ agbéniròkè ni, kí ẹ sì béèrè àga oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò.

Ìgbà yìí lẹ wá lè béèrè owó. Ẹ má béèrè "iye tí ẹ ní". Ẹ béèrè iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí ẹ sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣé tíkẹ́ẹ̀tì àti òtẹ́ẹ̀lì nìkan ni, àbí oúnjẹ, owó físà àti ọkọ̀ ìgboro ti wà níbẹ̀? Ká ní ó sọ pé 2,400 fún tíkẹ́ẹ̀tì àti ibùsùn, owó ìlú yòówù kó jẹ́, kí ìjókòó kan lọ-bọ̀ sì jẹ́ 360.

Tí wọ́n bá lọ ní ọjọ́ 12 tí wọ́n padà ní ọjọ́ 19, ọmọ á pé ọdún méjì láàárín méjèèjì. Àgbàlagbà mẹ́ta jẹ́ 1,080. Ìjókòó ọmọ nígbà àbọ̀, ó kéré tán 180, gbé e dé 1,260. Ó ku 1,140, tí a bá pín in sí òru méje, ó jẹ́ nǹkan bí 163 lálẹ́ fún yàrá méjì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lọ ní ọjọ́ 5 tí wọ́n padà ní ọjọ́ 12, ọmọ ò tíì pé méjì. Ó ku 1,320, nǹkan bí 189 lálẹ́. (Owó díẹ̀ tí àwọn kan ń gbà lórí ọmọ tó jókòó lórí itan kò sí nínú ìṣirò yìí.) Ìsinmi ọkọ fàyè gba ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó béèrè owó ṣáájú ì bá máa wá òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú kiri, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìbí ọmọ ló ń jẹ owó náà.

Àṣìṣe kan ṣì kù tó máa ń pa àwọn tó ti mọ ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa: wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oníbàárà á dáhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, á gbàgbé àárín. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn tó ń lọ àti ọjọ́, ìwọ̀nba ìyẹn. Tí ìdáhùn bá dé, ẹ tún un kọ fún un ní gbólóhùn kan kó lè rí i bóyá ẹ gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ tó béèrè ìdíwọ́ àti owó. Ìdáhùn àkọ́kọ́ á sì jẹ́ kí ẹ yọ àwọn ìbéèrè tí kò kàn án kúrò. Kò sídìí láti máa bi ọkùnrin tó ń dá lọ nípa ọmọ ọwọ́.

Ìgbà kan wà tí mo máa ń yí ètò yìí padà. Tí ẹni náà bá ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni òun fẹ́ lọ, páspọ́ọ̀tù ni mo kọ́kọ́ máa béèrè, àti ibi tí ó lè wọ̀ láìsí físà, nítorí pé kò sí àkókò láti tún ohunkóhun ṣe mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ owó, ẹ gbà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má ṣe fi wá nǹkan kan títí dìgbà tí ẹ bá mọ iye orí tí ẹ máa fi pín in.